Ìdánwò Wo La Ó Kọ́kọ́ Gbé Kúrò Nílẹ̀?

N kì í lè jókòó sójú kan. Màmá mi ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi, òjò ń rọ̀, omi ti dé ẹnu ọ̀nà, gbogbo ará ilé ló wà lórí ìdúró, ibẹ̀ ni mo ti kó àrùn àìjókòó. Ó lè jẹ́ àwàdà, ó sì lè má jẹ́ àwàdà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé títí dòní, bí òjò bá ti ṣú, ara mi kì í lélẹ̀ mọ́.

Yàrá méjì la gbà ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé kan tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, níbi tí gbogbo gọ́tà òkè ń da ẹrù wọn sí. Bí òjò bá rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, omi á wọlé wá bá wa láìkan ilẹ̀kùn. Àwa ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré sókè sódò, oníkálukú á gbé ohun tó wù ú. Àbúrò mi ọkùnrin á lọ dì mọ́ tẹlifíṣọ̀n, nítorí òun ló wọ́n jù nínú ilé. Èmi á máa kó abọ́ àti ife, nítorí wọ́n fúyẹ́, ó sì máa ń dà bíi pé mo ń ṣe gudugudu méje. Màmá mi á wá lọgun mọ́ wa: "Ẹ fi tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀! Orí tábìlì ló wà, omi ò dé ibẹ̀! Ìwọ, kí lomi fẹ́ fi abọ́ ṣe? Ṣé abọ́ ò rí omi rí ni? Ohun tó wà nílẹ̀, tí omi máa kọ́kọ́ kàn, tí a ò sì ní lè sá gbẹ, òun ni kẹ́ ẹ gbé!" Ohun tó ń wí ni àpò gààrì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, àti àpótí kékeré tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú àpótí yẹn ni ìwé-ẹ̀rí gbogbo wa wà, pẹ̀lú fọ́tò kan ṣoṣo tí bàbá mi yà kó tó kú.

Ọ̀rọ̀ omi lásán ni mo ka ìyẹn sí, àfi ìgbà tí mo dé ẹnu iṣẹ́.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, mo ríṣẹ́ sí Àpápá, ní ọ́fíìsì kékeré kan tó wà lókè ilé ìkẹ́rùsí. Láti ojú fèrèsé, a máa ń rí àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé kọ̀ńténà sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ẹni mẹ́ta péré ni wá. Ọ̀gá ló ni ilé-iṣẹ́ náà. Bọ̀dá, tó ti tó ẹ̀gbọ́n àgbà fún mi, tó sì jẹ́ díkónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ló ń kọ prógíráàmù kọ̀ǹpútà. Èmi ni mò ń dán an wò kó tó jáde. Àwọn tó ń kílíà ẹrù ní èbúté ni à ń tà á fún. Bí wọ́n bá tẹ ọjọ́ tí ọkọ̀ já ẹrù sílẹ̀ sínú rẹ̀, á sọ fún wọn ọjọ́ tí oore ọ̀fẹ́ máa parí. Oore ọ̀fẹ́ yìí ni àwọn ọjọ́ tí kọ̀ńténà lè wà nílẹ̀ láìsanwó. Bó bá ti lé, owó ìdúró á bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ara wọn. Prógíráàmù náà ló tún ń ṣírò owó, òun ló ń tẹ ìwé tí ẹlẹ́rù máa fi gbé ẹrù jáde ní géètì.

Iṣẹ́ mi le ju bí wọ́n ṣe ń fojú wò ó lọ. Bí Bọ̀dá bá ti fọwọ́ kan ibì kan, bó ti wù kó kéré mọ, ó yẹ kí n tún gbogbo rẹ̀ dán wò látòkè délẹ̀, torí prógíráàmù dà bí aṣọ híhun, èèyàn á fa òwú níbí, á já lọ́hùn-ún. Mo máa ń tẹ àwọn ẹrù àròsọ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n wò ó bóyá ohun tó sọ lánàá náà ló ń sọ lónìí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ dé ìdajì, wọ́n á mú iná lọ. Kí a tó tan jẹnẹrétọ̀, ohun tí mo ti tẹ̀ á ti ṣòfò. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, Bọ̀dá ló sì máa ń jókòó sídìí rẹ̀ jù. Mo máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí n máa yí ẹsẹ̀ padà. Ọ̀gá á ní, "Ìwọ ọmọbìnrin yìí, jókòó, o ń kó ìdààmú bá wa."

Àwọn àṣìṣe kan wà tí a ti pa, tí a ti sin, tí wọ́n tún máa ń padà wá. Àkúdàáyà là ń pè wọ́n. Èyí tó burú jù nínú wọn ni ti ọjọ́ Àìkú.

Níbi tí oníbàárà wa kan ń gbẹ́rù, ọjọ́ mẹ́ta ni oore ọ̀fẹ́, ọjọ́ tí ẹrù bọ́ sílẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Wọn kì í yọ ọjọ́ kankan sílẹ̀. Géètì wọn kò mọ ìsinmi, kò mọ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bọ̀dá kọ́kọ́ kọ apá yìí, kò bi ẹnikẹ́ni. Ó fo ọjọ́ Àìkú dá. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ yí padà: "Ta ló ń ka Sọ́ńdè mọ́ ọjọ́ iṣẹ́? Ṣé kèfèrí ni wọ́n ni?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Díkónì, èbúté ò gba ìrìbọmi o."

Ẹ̀rín yẹn kò dé ọ̀dọ̀ Àǹtí. Àǹtí ló ń lo prógíráàmù náà ní ọ́fíìsì àwọn oníbàárà wa yìí, lójú ọ̀nà èbúté Tin Can. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà lèmi àti ẹ̀ ń lọ ní Ajégúnlẹ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá wọn pé kó ra iṣẹ́ wa. Bí ẹrù bá bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò sí ìyọnu, nítorí ọjọ́ mẹ́ta á pé kí ọjọ́ Àìkú tó dé. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Àìkú ni oore ọ̀fẹ́ parí, prógíráàmù wa á sì sọ pé ó di ọjọ́ Ajé. Ẹlẹ́rù á fọkàn balẹ̀, á dé lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á sì bu owó ìdúró lé e. Orí Àǹtí ni ẹlẹ́rù máa ń da gbogbo ìbínú rẹ̀ sí. Ọ̀gá wọn fún un ní kúẹ́rì, ìwé pé kó wí tẹnu rẹ̀.

Bọ̀dá sáré lọ síbẹ̀, ó tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà tiwọn gan-an, ó da àtúnṣe náà sínú dísíkẹ́ẹ̀tì kan, ó fi dísíkẹ́ẹ̀tì náà há inú Bíbélì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ parí, gbogbo wa dúpẹ́. Àmọ́ nígbà tó padà dé Àpápá, iṣẹ́ míì ti dúró dè é, ó sì ń bá a lọ lórí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tiwa, èyí tí kò ní àtúnṣe nínú. Bí a ṣe gbé prógíráàmù tuntun fún wọn lẹ́yìn náà, ọjọ́ Àìkú tún fò. Àkúdàáyà.

Ọjọ́ ìsinmi kan, bí a ṣe jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí fà mí lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó ní, "Àbúrò mi, kúẹ́rì kejì ti dé o. Ọ̀gá wa ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò ní sí, pé ìwé lílọ ni. Mi ò bínú sí yín. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ ni."

Mo ní, "Àǹtí, kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́."

Ó wò mí. "Ohun tí díkónì yín sọ lọ́jọ́sí náà nìyẹn."

Inú mi bàjẹ́ gan-an. Mo rìn délé, mi ò lè jẹun. Ìyá ọlọ́mọ ni Àǹtí, kò sí ẹlòmíràn tó ń mówó wọlé fún wọn, àwa sì ni à ń fi ọwọ́ ara wa tì í síta.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ìròyìn dé pé owó tí wọ́n ń gbà ní èbúté máa yí padà. Gbogbo oníbàárà fẹ́ prógíráàmù tuntun, kíá. Ti ọ́fíìsì Àǹtí ló máa kọ́kọ́ jáde, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Ọ̀gá sì ti dá fún wọn, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo ní bí mo bá fẹ́ fọwọ́ dán gbogbo rẹ̀ wò, pẹ̀lú iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí, ọ̀sẹ̀ kan kò tó, tí Bọ̀dá bá sì tún fọwọ́ kàn án lẹ́yìn náà, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Bọ̀dá ló wá mú àbá wá. Mi ò ní fi dù ú, orí rẹ̀ pé. Ó ní a lè kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ mi ì bá tẹ̀ sínú fáìlì kan, kí prógíráàmù máa kà á níbẹ̀ bí ẹni pé èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tó yẹ kó jáde lórí ìwé, kó kọ ọ́ sínú fáìlì kejì. Kí kọ̀ǹpútà wá fi fáìlì kejì yìí wé ìdáhùn tí a ti mọ̀ pé ó tọ̀nà. Bí ìlà kan bá yàtọ̀, á ké sí wa. Ó ní kí tíì tó tutù nínú ife, á ti yẹ ohun tí mò ń fi ọjọ́ gbọọrọ ṣe wò tán, láìráhùn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Àmọ́ ó gbé ìka sókè: "Ìyà wà níbẹ̀ o. Ṣíṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa gba àkókò. Pẹ̀lú owó tuntun tí mo ṣì ń kọ, ìwọ̀nba díẹ̀ la máa rí ṣe kó tó di Mọ́ńdè."

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn wo ni ìwọ̀nba díẹ̀ yẹn?

Ọ̀gá ní ojú ìwé àkọ́kọ́ ni, èyí tí orúkọ oníbàárà máa ń yọ lórí rẹ̀ bí wọ́n bá ti tan prógíráàmù. Ó ní, "Òun ni ọ̀gá wọn máa kọ́kọ́ rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Bọ̀dá fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ ẹlẹ́rù kún orúkọ, nítorí ìyẹn rọrùn, a lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ kí iye rẹ̀ pọ̀ lójú. Lẹ́yìn náà, ká wá ṣe ti owó tuntun, torí òun ló ń já a láyà.

Mo ní, "Ọjọ́ Àìkú ńkọ́?"

Bọ̀dá yíjú sí mi. "Mo ti tún ìyẹn ṣe."

"Ẹ ti tún un ṣe rí, Bọ̀dá, ó sì padà wá."

"Mo ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì! Mo ti da àtúnṣe náà sínú kọ̀ǹpútà yìí gan-an, ojú ẹ báyìí ló ṣe. Òkú lo fẹ́ máa ṣọ́ ni? Ohun tuntun ló yẹ ká máa bẹ̀rù."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, ìyẹn ló sì ń bí mi nínú. Ohun tuntun máa ń léèmọ̀ lóòótọ́. Mo ń lọ mo ń bọ̀ láàárín fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Lójú fèrèsé, sánmà ti dúdú lọ́nà Marine Beach. Ọkàn mi fò lọ sílé, mo rò ó pé ṣé Màmá mi ti gbé àpótí, mo sì ṣàdédé rí èsì ọ̀rọ̀ Bọ̀dá.

Mo sọ ìtàn omi ilé wa fún wọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú ìwé àkọ́kọ́ yín, abọ́ ni. Bí omi bá kàn án, à á nù ún, ayé ò ní parí. Ibi orúkọ ẹlẹ́rù, orí tábìlì ló wà, a ò fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì bàjẹ́ rí. Bọ̀dá, owó tuntun yín ṣì ń yí padà lójoojúmọ́. Tí a bá ṣe ìdánwò rẹ̀ lónìí, lọ́la a máa tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ dán ìyẹn wò lẹ́ẹ̀kan nígbà tó bá ti parí. Àmọ́ ọjọ́ oore ọ̀fẹ́ ò yí padà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, ibi tí gbogbo nǹkan ń gbà kọjá ni, torí láti ara rẹ̀ lowó ìdúró ti ń jáde. Ó ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá sì tún bàjẹ́, ẹnì kan máa pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀ ló wà, kò sì ṣeé sá gbẹ."

Bọ̀dá ń fi bírò kan eyín. Níkẹyìn Ọ̀gá ní, "Ọmọ omi ni mí, ẹ̀bá omi ni wọ́n ti tọ́ mi, mo mọ ohun tó ń sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọjọ́ oore ọ̀fẹ́. Ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé géètì. Tí àyè bá ṣẹ́ kù, ẹ rántí abọ́ tèmi."

Bọ̀dá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo kí i pé ó dàárọ̀, ó fi orí dáhùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú ọ̀nà Tin Can pọ̀n. Ó yẹ ká mọ ìdáhùn tó tọ̀nà kí a tó lè fi wé ohunkóhun. Bí a bá kàn ní kí prógíráàmù tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde, ká fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n, olè la fi ṣọ́ ilé yẹn. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut, mo rìn èyí tó kù, torí tírélà ti tò dé ibi tí ojú kò tó mọ́. Àwọn awakọ̀ kan ń fá irùngbọ̀n nínú díńgí ọkọ̀ wọn, àwọn mìíràn ti so aṣọ líle sábẹ́ tírélà bí ibùsùn, wọ́n ń sùn. Ó dà bíi pé gbogbo ayé ló mọ bí a ṣe ń ní sùúrù àfi èmi.

Àǹtí jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kàlẹ́ńdà ńlá kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ọjọ́ ẹrù kan ni. Prógíráàmù dá a lóhùn, àmọ́ kò kọ ìdáhùn náà sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ dìde, ó fi ìka ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà, ẹnu rẹ̀ ń mì, kó tó wá jókòó padà kó tó kọ ọ́. Kàlẹ́ńdà náà ti dọ̀tí níbi tí ìka rẹ̀ ń gbà. Ojú tì mí. A ta ẹ̀rọ fún un kó lè sinmi, ó wá di iṣẹ́ méjì fún un.

Mo ṣàlàyé ohun tí a fẹ́ ṣe. Ó bi mí pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ẹ sọ àwọn ọjọ́ tó máa ń fún yín ní wàhálà. Ẹ bá wa kà wọ́n, ẹ kọ ìdáhùn tó tọ̀nà."

Kò ronú pẹ́ rárá. Ẹrù tó bọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ẹrù tó bọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹrù tó bọ́ lọ́jọ́ Àìkú fúnra rẹ̀. Ẹrù tó bọ́ ní ìparí oṣù, tí kíkà rẹ̀ wọnú oṣù tuntun. Ẹrù ìparí Fẹ́búárì nínú ọdún tí oṣù náà ní ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Mo ní kó fi ẹrù ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan kún un, èyí tí kò ní wàhálà kankan, nítorí oníṣègùn tó bá fẹ́ wo ojú tó ń dunni kò gbọ́dọ̀ fọ́ èyí tí kò dunni. Ọjọ́ gidi la kọ sí gbogbo wọn, kí ìdáhùn wọn má baà yí padà bí òní ṣe ń di ọ̀la.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Àmọ́ tó bá tún padà wá, a máa kọ́kọ́ rí i kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."

Ó mi orí. Ó jọ pé ìyẹn wọ̀ ọ́ lọ́kàn ju ìlérí mi àkọ́kọ́ lọ.

A ṣe ìdánwò ọjọ́ oore ọ̀fẹ́, a ṣe ti ìwé géètì. Bọ̀dá, pẹ̀lú gbogbo ìkanra rẹ̀, fi ọwọ́ tó dára ṣe é. Ní ọjọ́ Ẹtì a ní kí kọ̀ǹpútà ṣe wọ́n, gbogbo rẹ̀ bára mu, kò sí ìlà kan tó yàtọ̀. Kò sí àyè fún abọ́ Ọ̀gá. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n mú iye owó tuntun tó kẹ́yìn wá, Bọ̀dá dúró ní ọ́fíìsì láti tẹ̀ ẹ́ wọlé, èmi sì lọ sílé torí òjò ti bẹ̀rẹ̀.

Omi wọlé lọ́jọ́ yẹn. Kí n tó débẹ̀, Màmá mi ti gbé àpótí sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó ti fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè, ó ń gán aṣọ. Ó ní, "Kí ló ń lé ẹ? Ohun tó yẹ kí n gbé, mo ti gbé e." Àwọn bàtà wa ń léfòó káàkiri yàrá, kò tilẹ̀ wò wọ́n.

Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ọ́fíìsì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Nígbà tí Bọ̀dá wọlé pẹ̀lú dísíkẹ́ẹ̀tì tí a máa gbé lọ, mo ní kí a ṣe ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó ní, "A ti ṣe é ní Fúráìdé. Owó nìkan ni mo fọwọ́ kàn."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó mí kanlẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. A dúró, àwa méjèèjì ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà àkọ́kọ́ yàtọ̀. Ìkejì yàtọ̀. Gbogbo ẹrù tí ọjọ́ Àìkú wà nínú ọjọ́ rẹ̀ ló yàtọ̀. Àwọn tí kò ní ọjọ́ Àìkú nínú, bíi ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nìkan ló bára mu.

Bọ̀dá fà sẹ́yìn bí ẹni tó rí ẹni tí wọ́n ti sin. Ó ní, "Kò ṣeé ṣe." Ó wá gbé ọwọ́ lé orí. Iná ti lọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta nígbà tó ń tẹ owó wọlé, fáìlì kan nínú prógíráàmù náà bàjẹ́, ó sì mú ẹ̀dà rẹ̀ kan nínú dúrọ́ọ̀ fi rọ́pò rẹ̀. Kò wo ọjọ́ orí ẹ̀dà náà. Èyí tó ti pẹ́ ni, láti ìgbà tí ọjọ́ Àìkú ṣì ń fò.

Bó bá jẹ́ ọwọ́ mi ni a fẹ́ fi dán an wò láàárọ̀ yẹn, owó tuntun nìkan ni ǹ bá wò. Mo mọ ara mi. Mo máa fi ẹrù ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan dán an wò, ó máa bára mu, a ó sì gbé ìwé lílọ dání fún Àǹtí pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu.

Bọ̀dá kò jiyàn. Ó bọ́ kóòtù, ó jókòó, ó fa Bíbélì rẹ̀ yọ, ó mú dísíkẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ jáde, ó fi àtúnṣe náà sí àyè rẹ̀. A tún ṣe ìdánwò náà. Ó bára mu. Mo fọwọ́ dán owó tuntun wò bí mo ti ṣèlérí, jẹnẹrétọ̀ ń kùn nísàlẹ̀, Ọ̀gá ń wo aago. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Bọ̀dá bi mí láìwojú mi pé, "Tí a bá padà dé, kí la tún máa gbé kúrò nílẹ̀?" Inú mi dùn débi pé mo fo àtẹ̀gùn méjì lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọ́fíìsì Àǹtí, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló dúró de àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Àǹtí wà ní ìjókòó rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan. Bọ̀dá fi prógíráàmù sínú kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Ojú ìwé àkọ́kọ́ yọ, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, orúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn. Orúkọ àwọn tó ń bá wọn du oníbàárà, tí ọ́fíìsì wọn wà ní òdìkejì títì.

Inú ẹ̀dà àtijọ́ yẹn ni orúkọ náà ti wá, torí oníbàárà wa ni àwọn yẹn náà, àwọn la ṣe ẹ̀dà náà fún. A ti gbé ọjọ́ Àìkú kúrò nílẹ̀, a ò rántí abọ́.

Ọ̀gá wa yíjú sí mi. Mi ò ní gbàgbé ojú yẹn láéláé. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ọkùnrin gíga náà kò pariwo. Ohùn rẹ̀ kàn tutù. "Madam," ó ń bá Àǹtí sọ̀rọ̀, "ṣé ohun tẹ́ ẹ ní ká ra nìyí?"

Kí ó tó dáhùn, fóònù dún. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ fi àgbọ̀n tọ́ka sí fóònù. Ó gbé e. Mo ń gbọ́ ohùn ẹlẹ́rù láti ibi tí mo dúró: "Madam, abeg, my container wey land Friday, which day the free days go finish?"

Àǹtí tẹ kọ́kọ́rọ́ kan, orúkọ àjèjì náà kúrò lójú kọ̀ǹpútà. Ó tẹ ọjọ́ ẹrù náà wọlé. Kàlẹ́ńdà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tó ti máa ń wà. Mo rí i pé ọ̀gá rẹ̀ náà ti ń wò ó.

Kò dìde. Kò yíjú. Ó ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà: "E go finish Sunday, sir. No wait till Monday o."

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ọkùnrin gíga náà ní kí wọ́n bá òun pa orúkọ ìránù yẹn rẹ́ kí òun tó padà dé, ó sì jáde lọ jẹun. Bọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò rẹ̀ wá ohun tó máa fi pa á rẹ́.

Èmi ni mo lọ bá kàlẹ́ńdà. Mo fi ìka mi sí ibi tó ti dọ̀tí. Fúráìdé, Sátidé, Sọ́ńdè. Mo tún un kà. Àǹtí ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí mi, mo sì jókòó.